Nígbà tí Nẹ́tíwọ̀kì Bá Já Láàárín Tẹ́tẹ́

Ẹni tó bá ń ta tẹ́tẹ́ lórí fóònù mọ ìdààmú yìí: owó ti kúrò lápò, káàdì ti wà nílẹ̀, ojú fóònù wá dá dúró gbagidi. Kí nẹ́tíwọ̀kì tó padà, eré ti parí. Èrò tó kọ́kọ́ ń sọ síni lọ́kàn ni pé káṣínò ti jẹ owó ẹni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Kí a tó lè mọ̀, àfi ká wádìí ibi tí àṣẹ tí ẹ pa dé kí okùn tó já.

Inú fóònù kọ́ ni eré náà ti ń wáyé. Inú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ṣe eré náà ni, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì kí àwọn àwòrán máa yí, kété tí àṣẹ yín bá dé ọ̀dọ̀ sáfà ló ti yan àbájáde. Yíyí tí ẹ ń wò kàn ń fi ohun tó ti ṣẹlẹ̀ hàn yín ni. Nítorí náà, bí nẹ́tíwọ̀kì bá já lẹ́yìn tí àṣẹ ti dé, ẹ ti jẹ tàbí ẹ ti pàdánù, ẹ rí i o, ẹ ò rí i o. Bí àṣẹ kò bá dé rárá, tẹ́tẹ́ kò tíì wáyé, owó yín kò sì gbọdọ̀ dín.

Eré káàdì yàtọ̀ díẹ̀, torí pé ìpinnu ṣì kù tí ẹ máa ṣe. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ nìkan ni ẹ ń bá ta bláákìjáàkì, wọ́n sábà máa ń fi eré náà pamọ́ dè yín fún ìgbà kan. Ní Bìrìtéènì, ìlànà tí àjọ Gambling Commission ṣe fún tẹ́tẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní apá kan tó dá lórí eré tó já: ilé tẹ́tẹ́ gbọ́dọ̀ ní ètò tí yóò fi bá oníbàárà lò lọ́nà tó tọ́, kí wọ́n sì sapá láti dá irú eré bẹ́ẹ̀ padà síbi tó wà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ tábìlì tí èèyàn gidi ti ń pín káàdì, tí àwọn mìíràn sì jókòó sí, kò sẹ́ni tó máa dúró dè yín. Bí àkókò ìpinnu bá tán, wọ́n sábà máa ń kà á sí pé ẹ ò fẹ́ káàdì mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo eré kan pàtó. Ká ní ₦6,000 ló wà lápò yín lórí ìkànnì. Ẹ ta ₦1,000, ó ku ₦5,000. Káàdì 6 àti 5 bọ́ sí yín lọ́wọ́, àpapọ̀ 11. Ẹ tẹ "Double", ìyẹn ni pé ẹ fi ₦1,000 mìíràn kún un láti gba káàdì kan ṣoṣo sí i. Ibẹ̀ ni okùn já.

Bí ẹ bá wọlé padà tí ẹ bá ₦8,000, àṣẹ yín dé, ẹ sì jẹ. Bó bá jẹ́ ₦4,000, àṣẹ dé, ẹ pàdánù, tàbí kí eré náà má tíì parí. Bó bá jẹ́ ₦7,000, àṣẹ kò dé, ẹ̀rọ fi yín sílẹ̀ lórí 11, ẹni tó ń pín káàdì wá kọjá 21. Bó bá jẹ́ ₦5,000, àṣẹ kò dé: yálà ẹ ti pàdánù lórí 11, tàbí eré ṣì ń dúró dè yín.

₦6,000 ló gba àròjinlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àṣẹ dé, tí ẹ sì ta ọ̀mì. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n fagi lé eré náà, wọ́n dá owó padà. Ẹ ò lè ta ọ̀mì lórí 11, torí pé ẹni tó ń pín káàdì gbọ́dọ̀ máa fa káàdì títí yóò fi tó 17, ó kéré tán. Iye owó nìkan kò lè ya ọ̀mì àti ìfagilé sọ́tọ̀; àkọsílẹ̀ eré ló lè ṣe é. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ ta òmíràn kí ẹ tó yanjú ti àkọ́kọ́. Tẹ́tẹ́ kan péré sí i yóò da ìṣirò yìí rú.

Ẹ̀rí kíkó bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí ojú fóònù dá dúró. Ẹ má tẹ bọ́tìnnì náà léraléra, torí àṣẹ kejì lè di tẹ́tẹ́ kejì. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù, kí aago, àmì nẹ́tíwọ̀kì àti ọ̀rọ̀ àṣìṣe tó yọ hàn níbẹ̀. Ẹ ṣí ìkànnì mìíràn wò: bí òun náà kò bá ṣí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ni okùn ti já, ọ̀pọ̀ káṣínò sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé èyí kò kan àwọn. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sínú eré yẹn gan-an, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń dúró dè yín.

Ẹ wá lọ sí àkọsílẹ̀ eré, tí wọ́n sábà máa ń kọ "Game History" sí, kí ẹ ya àwòrán ọjọ́, aago, iye tí ẹ ta àti nọ́ńbà eré náà. Nọ́ńbà yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí òun ni wọ́n máa fi wá eré yín rí nínú sáfà. Ẹ kíyè sí aago: bí ìkànnì bá ń lo UTC, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 21:14 ní Nàìjíríà ni wọ́n máa kọ 20:14 sí. Ẹ ya àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde pẹ̀lú, kí ẹ sì tọ́jú òfin eré náà bó ṣe wà lọ́jọ́ yẹn, torí wọ́n lè yí i padà. Ẹ má gé àwòrán kankan, ẹ má sì fi èyí tó gba orí Wásáàpù kọjá rọ́pò ojúlówó rẹ̀.

Ìdí tí a fi nílò àkọsílẹ̀ méjèèjì ni pé ọ̀tọ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ṣe eré, ọ̀tọ̀ sábà ni káṣínò tó di àpò owó mú. Bí ìgbà tí báńkì yọ owó ẹni tí POS sọ pé òun kò rí i ni, ìròyìn lè sọnù láàárín àwọn méjèèjì: eré sọ pé ẹ jẹ, àpò kò gbọ́. Nítorí náà, ẹ kọ ìwé báyìí:

"Ní 21:14 lálẹ́ àná ni mo tẹ 'Double' lórí ₦1,000, okùn sì já. Nọ́ńbà eré náà nìyí. ₦6,000 ló wà lápò mi kí n tó ta. ₦5,000 ni mo bá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìgbà tí àṣẹ mi dé sáfà hàn mí, pẹ̀lú àbájáde tí ilé iṣẹ́ tó ṣe eré náà kọ sílẹ̀."

Ẹ fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ í-meèlì, kí ẹ̀dà lè wà lọ́wọ́ yín. Ní Bìrìtéènì, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá kọjá láìsí ojútùú, ẹ lè gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ onílàjà bí IBAS láìsan kọ́bọ̀. Àjọ Gambling Commission fúnra rẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni gba owó. Ní Nàìjíríà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a lẹ́jọ́ ní 22 Oṣù Kọkànlá 2024 pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́. Ní Èkó, Lagos State Lotteries and Gaming Authority ni ẹ máa kọ̀wé sí. Bí ìkànnì náà kò bá ní ìwé àṣẹ níbikíbi, ẹ̀rí yín lè pé pérépéré kẹ́ ẹ má rí ẹni tó máa gbà á.

Ẹ mọ ohun tí ẹ lè retí pẹ̀lú. Bí sáfà bá ti ṣe àkọsílẹ̀ àbájáde, òun ni wọ́n máa tẹ̀ lé. Bí kò bá sí, ₦1,000 tí ẹ ta ni wọ́n máa dá padà. Kò sí onílàjà tó máa san owó káàdì tí ẹ gbà pé ì bá wọlé fún yín ká ní okùn kò já.