Ṣé o mọ̀ pé òùngbẹ lè máa gbẹ bátìrì ínfátà rẹ?

Nínú bátìrì túbúlà, bó ṣe ń gba iná ni omi inú rẹ̀ ń dínkù díẹ̀díẹ̀. Tí omi bá fà débi tí òjé inú rẹ̀ yọ sókè, apá tó yọ yẹn ò ní gbé iná mọ́. Wo ọ̀pá kékeré tó wà lórí ihò kọ̀ọ̀kan: tó bá ti rì dé àmì pupa, omi bátìrì ni kó o bù sí i, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe ásíìdì. Jẹ́ kó gba iná kún ná kó o tó bù ú dé àmì, torí omi máa ń wú tó bá ń gba iná. Àmọ́ tí òjé bá ti yọ, bù ú bò ó ná.

Tí omi bá pé, síbẹ̀ tí iná rẹ̀ ń tètè tán ńkọ́? Ṣírò ẹrù. Bátìrì kan tó jẹ́ áḿpù-wákàtí 200, fólítì 12, máa ń gbé wáàtì-wákàtí 2,400, ìdajì rẹ̀ ló sì yẹ ká lò. Fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù mélòó kan lè tó wáàtì 300: wákàtí mẹ́rin péré nìyẹn. Ẹni tó tún so fíríìjì mọ́ ọn, kó má bú bátìrì.

Wo bọ́tìnì tí wọ́n fi ń yan irú bátìrì lára ínfátà pẹ̀lú. Tó bá wà lórí bátìrì aláìlómi, túbúlà kì í kún dáadáa. Èyí tó ti lo ọdún márùn-ún, tí gbogbo ìwọ̀nyí sì dára, síbẹ̀ tí iná rẹ̀ ń tètè tán, ó ṣeé ṣe kó ti gbó nìyẹn.