Bí A Ṣe Ń Sọ Àwòrán Ìtọ́jú Ìgbẹ́ Gbuuru Di Ìgbésẹ̀ Onínọ́ńbà

Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé lágbàáyé ti ṣe àwòrán àpótí àti ọfà fún ìtọ́jú ọmọ tí ó wà láàrin oṣù 2 sí ọdún 5. Ṣùgbọ́n nígbà tí òṣìṣẹ́ ìlera kan bá ń ròyìn àwòrán náà fún ẹnìkejì lórí fóònù, àwọn ọfà náà ni ó máa ń kọ́kọ́ sọnù.

Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lè lọ báyìí: "Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, ẹ fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ṣùgbọ́n bí kò bá lè mu omi mọ́, ẹ tètè fa omi sí i lára."

Àléébù méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní, ewu tí ó tóbi jù ni ó gbẹ̀yìn. Èkejì, ojú tó jìn wọnú wà nínú àpótí méjì, nítorí náà òun nìkan kò lè pinnu ohunkóhun. Àmì 2 ni ó gbọ́dọ̀ pé.

Bí a bá tún un kọ, báyìí ni yóò rí:

1. Ẹ ka àmì wọ̀nyí: ọmọ ń sùn láìṣeé jí tàbí ó rẹ̀ ẹ́ jọjọ; ojú rẹ̀ jìn wọnú; kò lè mu omi dáadáa; awọ ikùn tí a fún pọ̀ pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ kí ó tó padà. Bí ó bá ní 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fa omi sí i lára lójú ẹsẹ̀, tàbí kí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè ṣe é. Bí kò bá tó 2, ẹ lọ sí 2.
2. Ẹ ka àwọn wọ̀nyí: ara ọmọ kò balẹ̀ tàbí ó ń kanra; ojú rẹ̀ jìn wọnú; ó ń fi òùngbẹ gba omi mu; awọ ikùn kò tètè padà. Bí ó bá ní 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, mìlílítà 75 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan, láàrin wákàtí 4, kí ẹ sì lọ sí 4. Bí kò bá tó 2, ẹ lọ sí 3.
3. Ẹ tọ́jú rẹ̀ nílé: omi púpọ̀, oúnjẹ, àti síńkì fún ọjọ́ 10 sí 14. Ó parí.
4. Lẹ́yìn wákàtí 4, ẹ padà sí 1.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ kan tí ó wọn kílógíráàmù 10, tí ìyá rẹ̀ gbé wá sí ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Dadin Kowa, nílùú Jos. Ojú rẹ̀ jìn wọnú, ó ń fi òùngbẹ gba omi mu, awọ ikùn rẹ̀ sì ń falẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò kọjá ìṣẹ́jú àáyá 2. Ní ìgbésẹ̀ 1, àmì 1 péré ni ó ní. Ní ìgbésẹ̀ 2, ó ní 3. Mìlílítà 750 ni yóò mu láàrin wákàtí 4, lẹ́yìn náà a ó tún un yẹ̀ wò láti ìgbésẹ̀ 1. Ìròyìn orí fóònù kò sọ iye omi, kò sì sọ pé kí a padà.

Láti mọ̀ bóyá àtúnkọ náà péye, ẹ wá "bí kò bá" fún gbogbo "bí ó bá". Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dé orí ìtọ́jú kan tàbí nọ́ńbà kan. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan lo àwòrán, kí ẹlòmíràn lo ìgbésẹ̀, fún ọmọ kan náà. Bí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀, ọfà kan ti sọnù.

Gbígbẹ omi ara nìkan ni ìgbésẹ̀ wọ̀nyí wà fún. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, àpótí mìíràn ni ó ń tọ́ka sí ìtọ́jú rẹ̀.