Ẹ̀jẹ̀ Dídì Nínú Ẹ̀dọ̀fóró àti Àyè Àṣedànù

Ìfáàrà

Èdè Yorùbá kò ṣàìní orúkọ fún àìsàn àyà. Òtútù àyà, ikọ́ ife àti ikọ́ fée wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí kò ní orúkọ tirẹ̀ lẹ́nu wọn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè pa ènìyàn lójijì. Òun ni ẹ̀jẹ̀ dídì tí ó lọ dí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní pọ́múnárì ẹ́mbólísìmù. Nígbà tí ó bá mú abiyamọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tàbí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ kán dùbúlẹ̀, àwọn ará ilé lè máa fura sí ọfà ayé. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, pàápàá bí ènìyàn ṣe lè máa mí kíkankíkan kí púpọ̀ nínú èémí náà sì já sí asán.

Ibi tí èémí ń bá ẹ̀jẹ̀ pàdé

Ẹ̀dọ̀fóró dà bí ọjà ńlá. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú rẹ̀ ni ìsọ̀. Afẹ́fẹ́ tí a ń fà símú ni alárù tí ń gbé ọ́síjìn wá sí ìsọ̀. Ẹ̀jẹ̀ sì ni oníbàárà tí ń ra ọ́síjìn, tí ó sì ń fi kábọ́ndayọ́ksáìdì, ìdọ̀tí tí ara fẹ́ dà nù, sílẹ̀ fún alárù láti gbé jáde. Kí ọjà tó lè ná, alárù àti oníbàárà gbọ́dọ̀ pàdé ní ìsọ̀ kan náà.

Kì í ṣe gbogbo afẹ́fẹ́ tí a fà símú ni ó ń dé ìsọ̀. Bí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le bá mí lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí 500 mílílítà afẹ́fẹ́ ni yóò wọlé. Nǹkan bí 150 nínú rẹ̀ yóò dúró sí imú, ọ̀nà ọ̀fun àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀, níbi tí kò ti sí pàṣípààrọ̀ kankan. Bí ó ṣe wọlé náà ni yóò ṣe jáde. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní ibi tí ó ti kú. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí "àyè òkú", ìtẹ́ òkú ni yóò wá sọ́kàn òǹkàwé. "Àyè àṣedànù" ni iṣẹ́ yìí lò, nítorí pé afẹ́fẹ́ dé ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ara ṣe láti gbé e débẹ̀ já sí òfo.

Bí ìdínà ṣe ń fi kún àyè àṣedànù

Inú iṣan ńlá ẹsẹ̀ tàbí ìbàdí ni ẹ̀jẹ̀ náà ti sábà máa ń dì. Bí ó bá já, yóò bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún ọkàn, ọkàn yóò sì tì í sínú iṣan ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí yóò ti há. Láti ìgbà náà, ẹ̀jẹ̀ kò dé àwọn àpò afẹ́fẹ́ tí ó wà níwájú ìdínà mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà afẹ́fẹ́ ṣì là. Ọ̀nà oníbàárà ti dí, alárù kò sì mọ̀. Ó ń ru ẹrù lọ sí ìsọ̀ tí ó ti dá páropáro, ó sì ń ru ú padà. Báyìí ni àwọn àpò tí ó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣe di ara àyè àṣedànù.

Èyí nìkan kọ́ ni ó ń dín ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ kù. Àwọn oníbàárà tí ọ̀nà wọn dí yóò ya lọ sí àwọn ìsọ̀ tí ó kù. Èrò á pọ̀ ju ọjà tí ó wà níbẹ̀ lọ, apá kan nínú ẹ̀jẹ̀ náà yóò sì jáde láìrí ọ́síjìn tó.

Àpẹẹrẹ kan

Ká gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kan ní Ọ̀yọ́ ṣubú lórí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Wọ́n gbé e lọ sí ilé teguntegun ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ojúgun rẹ̀ ẹ̀yìn wú, ó ń gbóná, wọ́n sì ń fi òrí wọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan tí ó dìde láti lọ wẹ̀, àyà gún un, èémí rẹ̀ sì ń yára.

Ìṣirò tí a fi ń wá àyè àṣedànù jáde ti ọwọ́ Christian Bohr wá, ní Dẹ́ńmáàkì, ní ọdún 1891. Enghoff ará Súwídìn tún un ṣe ní ọdún 1938 kí a lè lo kábọ́ndayọ́ksáìdì inú ẹ̀jẹ̀ fún un. Yọ ìwọ̀n ti inú èémí tí a mí síta kúrò nínú ti inú ẹ̀jẹ̀, kí o sì fi ti inú ẹ̀jẹ̀ pín èyí tí ó kù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ yìí tó ṣàìsàn, ká ní ti inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 40, ti inú èémí sì jẹ́ 28:

(40 − 28) ÷ 40 = 0.3

Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá 500 ni 150, nítorí náà 350 mílílítà ni ó ń wúlò nínú èémí kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá mí nígbà 15 ní ìṣẹ́jú kan, 5,250 ni àpapọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìdínà, afẹ́fẹ́ tí ó ń padà bọ̀ láti ìsọ̀ òfìfo bu omi la èémí rẹ̀, ti inú èémí sì wálẹ̀ sí 20:

(40 − 20) ÷ 40 = 0.5

Ìdajì èémí ti di àṣedànù. Kí ó tó lè rí 5,250 náà, yóò mí nígbà 21, kì í ṣe 15. Nínú ayé gidi, irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń mí ju èyí lọ, nítorí ìrora àti ìdààmú. Ìdí nìyí tí kábọ́ndayọ́ksáìdì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi sábà máa ń lọ sílẹ̀ dípò kí ó ga.

Bí a ṣe lè fura, àti ibi tí ìṣirò mọ

Èémí tí ó ń yára lójijì, tí àyà kò sì dún bí ti òtútù àyà tàbí ikọ́ fée, jẹ́ ohun ìfura, pàápàá lára ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tàbí tí ó ní àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní wíwọ́, nítorí pé wíwọ́ lè já ẹ̀jẹ̀ dídì náà.

Síbẹ̀, ìṣirò yìí nìkan kò tó láti dá ẹjọ́. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ tí ó dà púpọ̀ lára lè fi kún àyè àṣedànù pẹ̀lú. Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà: bí ìdínà bá kéré, ìyípadà náà lè má hàn rárá. Àwòrán iṣan ẹ̀dọ̀fóró tí ẹ̀rọ sí-tí yà lẹ́yìn abẹ́rẹ́ oògùn tí ń mú iṣan hàn ni ó sábà máa ń fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Oògùn bíi hẹ́párìnì kì í yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì náà fúnra rẹ̀. Ó ń dá a dúró kí ó má baà tóbi sí i, ara yóò sì máa yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú àìsàn yìí, afẹ́fẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀jẹ̀ bá pàdé. Bí olùkọ́ bá fi "àyè àṣedànù" kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti sọ ìdí tí ẹni tí ó ń mí kíkankíkan fi ń sọ pé èémí kò tó òun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ nílé kí ó tó dé ilé ìwòsàn.