Bí orúkọ àárín kò ṣe ní sọnù tí a bá ń pín orúkọ sí méjì ní Ítálì

Bí ẹgbẹ́ ọmọ Nàìjíríà kan ní Túrìn tàbí Pádúà bá ń kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sínú Excel, orúkọ kíkún ló sábà máa ń wọ àpótí kan ṣoṣo. Wàhálà máa ń dé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó orúkọ náà lọ sínú fọ́ọ̀mù ìjọba, torí àyè méjì péré ni fọ́ọ̀mù Ítálì ní: Cognome fún orúkọ ìdílé, Nome fún orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ. Kò sí àyè fún orúkọ àárín.

Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ àpẹẹrẹ kan ṣe é: Adebayo Tunde Ogunleye. Bí ẹ bá lo Testo in colonne, tó wà lábẹ́ Dati, tí ẹ sì ní kí Excel gé orúkọ náà níbi gbogbo àlàfo, Ogunleye á bọ́ sí òpó kẹta. Ṣùgbọ́n Funke Alabi tó tẹ̀ lé e kò ní orúkọ àárín, òpó kejì sì ni orúkọ ìdílé tirẹ̀ wà. Ẹni tó bá wá fi òpó kejì ṣe Cognome fún gbogbo wọn ti sọ Tunde di orúkọ ìdílé.

Àwọn kan á ní kí a kúkú yọ Tunde kúrò. Ìyẹn gan-an ló léwu jù, nítorí codice fiscale, ìyẹn nọ́ńbà owó-orí tí Ítálì dá sílẹ̀ lọ́dún 1973. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 16 ló ní, inú orúkọ ni mẹ́fà àkọ́kọ́ sì ti wá. Kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú orúkọ ìdílé ló ń ṣíwájú: OGUNLEYE di GNL. Nínú Nome, gbogbo orúkọ ni wọ́n ń kà pọ̀ bí ẹyọ kan. Bí kọ́ńsónáǹtì rẹ̀ bá tó mẹ́rin tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, èkíní, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ni wọ́n ń mú. ADEBAYO TUNDE ní D, B, Y, T, N, D, nítorí náà DYT ló jáde. Bí ẹ bá yọ Tunde, DBY ni, ìyẹn sì ti di nọ́ńbà ẹlòmíràn. Ibi tí orúkọ àárín ń lọ nìyẹn: inú Nome ni, pẹ̀lú orúkọ àkọ́kọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yìn ni ká ti gé orúkọ, kì í ṣe iwájú. Bí Excel yín bá jẹ́ ti èdè Ítálì, orúkọ iṣẹ́ inú rẹ̀ yàtọ̀, àmì ; ni wọ́n sì fi ń pín in. Bí orúkọ kíkún bá wà ní A2, ẹ kọ èyí sí B2, C2, D2 àti E2:

```
=ANNULLA.SPAZI(A2)
=ANNULLA.SPAZI(DESTRA(SOSTITUISCI(B2;" ";RIPETI(" ";50));50))
=ANNULLA.SPAZI(SINISTRA(B2;LUNGHEZZA(B2)-LUNGHEZZA(C2)))
=LUNGHEZZA(B2)-LUNGHEZZA(SOSTITUISCI(B2;" ";""))
```

B2 yóò pa àwọn àlàfo tí kò yẹ rẹ́. C2 yóò mú ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, Ogunleye. D2 yóò kó ìyókù, Adebayo Tunde. E2 yóò ka àlàfo: 1 túmọ̀ sí pé orúkọ méjì péré ló wà níbẹ̀, kò sì sí nǹkan láti ṣiyèméjì lé. Ìlà tó bá gbé 2 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ojú ènìyàn gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.

Ìdí ni pé fọ́múlà kò mọ orúkọ ìdílé tó jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì. Ní agbègbè Pádúà, orúkọ bíi Dalla Costa kò ṣàjèjì. Bí Anna Dalla Costa bá wà nínú ìwé, fọ́múlà yóò mú Costa nìkan ní Cognome, á sì fi Dalla kún Anna. Irú èyí yóò tún máa pọ̀ sí i, torí ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ilẹ̀ náà pàṣẹ lọ́dún 2022 pé kí ọmọ máa jẹ́ orúkọ ìdílé bàbá àti ti ìyá, àfi bí àwọn òbí bá fohùn ṣọ̀kan lórí ẹyọ kan.

Níbi tí ó bá rú yín lójú, ẹ wo codice fiscale ẹni náà. Bí Anna bá mú káàdì wá, tí lẹ́tà mẹ́fà àkọ́kọ́ sì jẹ́ DLLNNA, Dalla Costa lódindi ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Pípín tí fọ́múlà ṣe ì bá fún wa ní CSTNDL. Bákan náà ni GNLDYT ń jẹ́rìí pé Tunde wà nínú Nome.

Ẹ̀rí yìí náà ní ibi tó mọ. Bí ẹni tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ bá ti ṣi orúkọ kọ, àṣìṣe náà ni nọ́ńbà yóò máa jẹ́rìí sí. Páálí ìrìnnà Nàìjíríà ló ń parí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: ó ya Surname àti Given Names sọ́tọ̀, gbogbo orúkọ tó wà ní Given Names ló sì yẹ kó wọ Nome bí ó ṣe tẹ̀ lé ara wọn níbẹ̀. Bí páálí àti nọ́ńbà bá tako ara wọn, kí ẹni tó ni orúkọ gbé ìwé méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì Agenzia delle Entrate, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ má sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i.