Bátànì Tí Kò Ní Ojú Ìsopọ̀

Àwọn ọkùnrin tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta máa ń gé bátànì sára páànù pẹlẹbẹ. Wọ́n á gbé páànù náà lé aṣọ funfun, wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún ra á lójú, wọ́n á ká a kúrò, wọ́n á tún gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti kúrò. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, ojú ìsopọ̀ á hàn, àmọ́ ta ni yóò bínú sí iṣẹ́ ọwọ́ nítorí ìyẹn? Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ kì í rí irú àforíjì bẹ́ẹ̀ gbà. Ìlà tó bá yọjú níbi ìsopọ̀ kan yóò yọjú níbi gbogbo, láti yàádì àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ń lo ẹ̀rọ ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà báyìí, irú èyí tí a ń kọ ọ̀rọ̀ fún tó sì ń yà á jáde, láti fi ṣe bátànì aṣọ, bébà tí a fi ń di ẹ̀bùn, tàbí kéèsì fóònù. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í kọ́kọ́ ni pé wọ́n á dárúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi bátànì náà ṣe. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ bátànì aṣọ, ẹ̀rọ lè ya aṣọ gan-an fún yín: aṣọ tó ká kò, tó ní òjìji nínú ìkákò rẹ̀. Ẹ dárúkọ kéèsì fóònù, ẹ ó rí fóònù lórí tábìlì, bóyá pẹ̀lú òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò ya ẹ̀rọ náà lẹ́bi. Àwòrán tó ní àkọlé lábẹ́ ló fi kọ́ṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n sì kọ “aṣọ” sí jẹ́ fọ́tò tí àwọn ọlọ́jà yà láti fi polówó. Nítorí náà, ẹ gbàgbé ọjà tí ẹ fẹ́ tà, ohun tí ojú máa rí lórí bébà pẹlẹbẹ ni kí ẹ ṣàpèjúwe.

Ká ní ohun tí a fẹ́ ni ewé ẹ̀gẹ́ àti ẹyẹ ẹtù, funfun lórí aró dúdú. Nínú Midjourney, báyìí ni mo ṣe máa kọ ọ́:

```
flat indigo and white pattern, cassava leaves and
small guinea fowl, hand-drawn white lines on deep
indigo, all motifs the same size, evenly scattered,
tossed in all directions --tile --no folds, shadow, frame
```

Ẹ wò ó pé n kò kọ orúkọ àdìrẹ sí i. Orúkọ nìkan kò tó o. Ó lè gbé àwọ̀ mèremère tí kò jọ aró rárá wá. Aró, ìlà funfun tí a fi ọwọ́ fà, ewé tó ní ìka: àwọn wọ̀nyí ló ń darí ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí a kò bá fẹ́ kì í gbé àárín ọ̀rọ̀, torí pé bí ẹ bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ sí òjìji, ẹ ti dárúkọ òjìji fún un nìyẹn. Ẹ̀yìn `--no` ni àyè rẹ̀.

`--tile` ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn kan rò pé bí wọ́n bá ti kọ `seamless` sínú ọ̀rọ̀, ó parí. Ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ́ kí àwòrán jọ bátànì ni, kò lè mú kí etí ọ̀tún bá etí òsì mu. Bí ẹ̀rọ bá ń ya ibì kan, ohun tó wà láyìíká ibẹ̀ ló ń wò. Nígbà tó bá dé etí, kò sí aládùúgbò kankan mọ́, ó kàn ń parí rẹ̀ bó ṣe wù ú. Nínú Stable Diffusion, àwọn ojú ìlò kan ní àpótí kékeré tí wọ́n kọ `Tiling` sí. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á máa ka etí òsì sí aládùúgbò etí ọ̀tún, á sì ka ìsàlẹ̀ sí aládùúgbò òkè, bí ìgbà tí a ká bébà yí garawa po tí etí méjèèjì wá pàdé. Ẹyẹ tí ìrù rẹ̀ bá jáde lápá ọ̀tún á wọlé padà lápá òsì. Ẹ̀rọ tí kò bá ní irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀, ọwọ́ yín lẹ máa fi tún un ṣe.

Ibi yòówù kí ẹ ti gbà á, ẹ dán an wò kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ ṣí i nínú GIMP, ẹ lọ sí `Layer > Transform > Offset`, kí ẹ sì sún un ní ìdajì lápá méjèèjì. Àwòrán tó jẹ́ píkísẹ́lì 1024 níbùú àti lóòró, 512 ni ẹ ó kọ sí ibi méjèèjì, kí ẹ sì yan `Wrap around`. Ohun tó wà ní etí tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sáàárín. Bí ẹ bá rí ìlà bí àgbélébùú níbẹ̀, ewé tí a gé sí méjì, tàbí aró tó ṣú níhìn-ín tó mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún, ojú ìsopọ̀ wà. Ẹ tún àárín yẹn yà, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan etí tuntun, torí pé ìyẹn ti bá ara rẹ̀ mu. Ẹni tó bá wá gé etí àwòrán náà lẹ́yìn èyí, ì báà ṣe fẹ́ẹ́rẹ́, ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Àbùkù kejì kì í hàn nínú ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ to ẹyọ mẹ́sàn-án pọ̀, mẹ́ta ní mẹ́ta, kí ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ sì di ojú díẹ̀. Ẹtù kan tó sanra ju àwọn yòókù lọ á di ọ̀wọ́ ẹtù tó tò bí ológun. Àlàfo kékeré tí kò ní ewé á di ọ̀nà tó la aṣọ já. Ìdí rèé tí mo fi kọ ọ́ pé kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba, kí ó sì fọ́n káàkiri. `tossed` náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: bébà tí a fi di ẹ̀bùn ń yí àpótí po, bí gbogbo ẹyẹ bá sì dojú kọ òkè, àwọn kan á dorí kodò lẹ́yìn àpótí. Télọ̀ pẹ̀lú á lè yí aṣọ bó ṣe fẹ́ nígbà tó bá ń gé e.

Ó ku ìwọ̀n. Spoonflower, tó máa ń tẹ bátànì oníbàárà sórí aṣọ, ń lo píkísẹ́lì 150 fún ínṣì kan. Èyí túmọ̀ sí pé píkísẹ́lì 1024 kò pé ínṣì méje. Bí ẹtù mẹ́rin bá tò ní ìbú ẹyọ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan á tó nǹkan bí ínṣì kan àtààbọ̀, ó sì dára fún bùbá. Lórí kéèsì fóònù tí kò ju bí ínṣì mẹ́ta lọ ní ìbú, ẹtù méjì péré ló máa hàn, ihò kámẹ́rà á sì lè gé ọ̀kan lórí. Ẹ dín ẹyọ náà kù sí ínṣì méjì fún kéèsì. Bí ẹ bá sì fẹ́ fẹ̀ ẹ́ fún aṣọ tábìlì, ẹ tún ìdánwò ti GIMP ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ tán, torí pé ẹ̀rọ tó ń fẹ àwòrán kì í sábà mọ̀ pé etí kan ní í bá òmíràn pàdé.

Aró tó ń tàn lójú kọ̀ǹpútà sábà máa ń ṣú nígbà tó bá dé orí òwú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ ègé kékeré kan fún yín ná, kí ẹ gbé e síta nínú oòrùn, kí ẹ tó san owó yàádì mẹ́wàá.