Owó Ilé-Ìwé Ọmọ Ní Ìlú Ọba: Pọ́n-ùn Ni Gbèsè, Náírà Ni À Ń Pa Lọ́jà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti bí a ṣe ń wá ilé-ìwé tàbí bí a ṣe ń gba físà. Owó tó ṣẹ́ kù láti san lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń kọsẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, iléeṣẹ́ ìròyìn Bí-Bí-Sì gbé ìròyìn kan jáde nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Yunifásítì Tíìsáìdì, ní ìlú Mídúlúsíbúrọ̀, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Náírà wó lulẹ̀, wọn kò rí owó ilé-ìwé san lásìkò, ilé-ìwé dá wọn dúró, ó sì fi tó ìjọba létí. Ni ìjọba bá ní kí wọ́n máa palẹ̀ mọ́ lọ sílé. Ohun tó tún dá kún un ni pé ẹ̀ẹ̀méje ni ilé-ìwé ti ń jẹ́ kí wọ́n pín owó san tẹ́lẹ̀, kó tó sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Ẹ lè bèèrè pé kí ló kan ìjọba nínú gbèsè ilé-ìwé? Ilé-ìwé yìí ni onídùúró ọmọ lórí físà. Ọjọ́ tí onídùúró bá ti yọ orúkọ ọmọ kúrò, físà kò ní ẹsẹ̀ tó fi dúró mọ́. Nítorí náà gbèsè yìí kò dà bí èyí tí a ń jẹ oníbàárà wa, tí a lè bẹ̀ ẹ́ pé kó di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà gan-an. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2023, Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa fi náírà sílẹ̀ kí ó máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi náírà 471, ó di nǹkan bíi 664. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Pọ́n-ùn náà ń gun òkè bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ká fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó wọlé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ìyá rẹ̀ ti san àsansílẹ̀, ó wá ku pọ́n-ùn 9,000, tí wọn yóò pín sí ọ̀nà mẹ́ta, 3,000 lẹ́ẹ̀kan. Bíi náírà 950 ni báǹkì ń ṣẹ́ pọ́n-ùn kan nígbà náà, ìyá sì ṣírò rẹ̀ pé mílíọ̀nù mẹ́jọ àbọ̀ ó lé díẹ̀ ló kù, ìyẹn 8,550,000. Ìsanwó kìíní ní oṣù kẹwàá bá ìṣirò yẹn mu: 2,850,000. Ìkejì bọ́ sí oṣù kejì ọdún 2024, pọ́n-ùn ti súnmọ́ 1,900. Pọ́n-ùn 3,000 kan náà di 5,700,000. Ìkẹta bọ́ sí àárín oṣù kẹrin, nígbà tí náírà ti gbé orí díẹ̀, tí pọ́n-ùn wà ní bíi 1,450, ó sì jẹ́ 4,350,000. Ẹ rò ó pọ̀: 12,900,000. Ilé-ìwé kò fi kọ́bọ̀ kan kún owó rẹ̀, síbẹ̀ ìyá fi mílíọ̀nù mẹ́rin ó lé 350,000 náírà san ju ohun tó rò lọ.

Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹ má ṣe kọ gbèsè yìí sí ìwé ní náírà. Pọ́n-ùn ni kí ẹ kọ, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ìdá kọ̀ọ̀kan pé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ lónìí ṣírò, kí ẹ tún fi ìdajì rẹ̀ lé e. Ìyá tí a sọ yìí, ká ní ó ti fi ìdajì lé 950, ìyẹn 1,425, ì bá rí i pé 12,825,000 ló yẹ kó múra sílẹ̀ fún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohun tó san mu. A kò sọ pé ìdajì á tó nígbà gbogbo o. Ní oṣù kejì ọdún 2024 nìkan, ìlọ́po méjì ni owó náà dé. Ṣùgbọ́n tí àpò yín kò bá gba ìdajì lórí, ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ọmọ tó lọ.

Owó oúnjẹ àti owó ilé wà lọ́tọ̀. Ìjọba Ìlú Ọba fúnra rẹ̀ ti sọ iye tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀: láti oṣù kọkànlá ọdún 2025, pọ́n-ùn 1,529 lóṣù fún ọmọ tó máa gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, 1,171 fún ẹni tó máa gbé níbòmíràn, fún oṣù mẹ́sàn-án. Tí ẹ bá rò ó, ti ẹ̀yìn Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ 10,539. Owó yìí gbọ́dọ̀ wà ní àkáńtì fún ọjọ́ 28 gbáko kó tó bẹ̀bẹ̀ fún físà.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀fìn wà. Àwọn kan máa ń yá owó láti fi hàn, ọjọ́ 28 pé, wọ́n dá a padà fún olówó pẹ̀lú èlé. Físà jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ dé ọ̀hún, owó tí ìwé sọ pé ó ní kò sí níbì kankan. Ẹ óò máa gbọ́ pé ọmọ á ṣiṣẹ́. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni físà máa ń gbà á láyè nígbà tí ilé-ìwé bá ń lọ, fún ẹni tó ń ka oyè yunifásítì. Ìyẹn lè ràn án lọ́wọ́ lórí oúnjẹ àti ilé, tó bá tètè ríṣẹ́. Ẹ má fi owó ilé-ìwé lé e lórí. Tó bá ṣe iṣẹ́ kọjá wákàtí yẹn kó lè rí owó ilé-ìwé san, físà kan náà ló ń fi wewu.

Báwo la ṣe ń kó náírà jọ de pọ́n-ùn? Àwa tí a ń dá àjọ, ẹ sọ fún olórí àjọ kí ó fi yín sí oṣù tó ṣáájú ọjọ́ ìsanwó, kó má jẹ́ oṣù náà gan-an. Ọjọ́ tí ẹ bá kó o, ẹ ṣẹ́ apá kan rẹ̀ sí àkáńtì dọ́mù ní báǹkì. Ẹ máa ṣẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, oṣù sí oṣù. Ẹni tí ẹ̀rù bà ní oṣù kejì ọdún 2024, tó kó gbogbo owó rẹ̀ ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, orí òkè téńté ló ti rà á. Ẹni tó ń rà á díẹ̀díẹ̀ kò ní rí i rà ní pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n kò ní rà á ní ọ̀wọ́n tán.

Àwọn tó ní kajú lóko tàbí tó ń rà á jọ ní agbègbè Òkè-Ògùn wa yìí ní ohun kan tí ẹlẹ́lùbọ́ kò ní. Òkè òkun ni kajú ń lọ, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, nítorí náà nígbà tí náírà bá wó, owó rẹ̀ sábà máa ń gòkè ní náírà. Owó kajú oṣù kejì sí ìkarùn-ún ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ilé-ìwé. Kí ẹ kàn rántí pé òun náà lè já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, kí ẹ má gbé gbogbo ẹrù lé e.

Tó bá di ọjọ́ sísan, ẹ gba ọ̀nà báǹkì, ẹ kọ Fọ́ọ̀mù A. Wọn yóò gba ìwé ìgbàwọlé, ìwé owó tí ilé-ìwé kọ, àti pásípọ́ọ̀tù ọmọ, owó á sì lọ tààrà sí àkáńtì ilé-ìwé. Ó lè pẹ́, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san án sí àkáńtì òun kí òun bá yín fi ránṣẹ́, ẹ dá a lóhùn pé rárá.

Àmì tí ẹ ó fi mọ̀ pé nǹkan ti ń bàjẹ́ ni kí ọmọ sọ pé òun kò lè wọ ojú-ewé ilé-ìwé lórí kọ̀ǹpútà mọ́, tàbí pé lẹ́tà ìkìlọ̀ ti dé. Kó tó débẹ̀, tí ẹ bá ti rí i pé owó kò ní pé, kí ọmọ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìṣúná ilé-ìwé ṣáájú ọjọ́ ìsanwó, kó sọ iye tó wà lọ́wọ́ àti ọjọ́ tí ìyókù á wọlé, kó sì san èyí tó wà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Kó gba èsì wọn ní kíkọ sílẹ̀, kó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín nílé.