Kí Ni Play Store Ń Dúró Dè?

Ẹ tẹ "Install" lára áàpù kan nínú Play Store, òbìrìkìtì kékeré kan ń yí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì jókòó sábẹ́ orúkọ áàpù náà: "Pending". Ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ lọ jẹun, ẹ padà dé, ó ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ ni pé Play Store ti gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohunkóhun nínú áàpù náà tó tíì wọ orí fóònù. Nǹkan kan ló ń dúró dè.

Ibi tí dáńlóòdù dúró sí máa ń fi ohun tó dá a dúró hàn. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹ rí 12% tàbí 40%, tó wá dúró gbagidi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé tán, tó kọ "Installing…" tí kò sì kúrò níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àyè inú fóònù ni ò tó. "Pending" lásán, tí kò sí nọ́ńbà kankan níwájú rẹ̀, lèyí tó máa ń dààmú èèyàn jù, nítorí kì í sọ ìdí.

Ẹ jẹ́ ká wo fóònù ìyá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Gbági n'Ìbàdàn. Fóònù Áńdíróìdì ni, tí àyè inú rẹ̀ jẹ́ 32 GB. Áàpù báńkì wọn ni wọ́n fẹ́ fi sí i, kí wọ́n lè máa rí i fúnra wọn bóyá owó oníbàárà ti wọlé kí wọ́n tó ká aṣọ fún un. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti tẹ "Install". Wọ́n ti pa fóònù, wọ́n ti tàn án, wọ́n tún ti ra dátà mìíràn lé ti tẹ́lẹ̀.

"Ọmọ mi, àbí fóònù yìí ti bàjẹ́ ni?"

"Rárá, mà. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣíwájú áàpù yín."

Torí Play Store máa ń tò wọ́n ni. Áàpù kan tàbí méjì-mẹ́ta péré ló ń gbà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó kù á dúró sẹ́yìn. Àwọn tó wà níwájú lè má jẹ́ ohun tí ẹ bèèrè fún rárá: àwọn áàpù tó ti wà lórí fóònù tẹ́lẹ̀ máa ń wá àtúnṣe tuntun fúnra wọn. Láti rí wọn, ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín tàbí lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ yín tó wà lókè lápá ọ̀tún, kí ẹ yan "Manage apps & device". Lórí fóònù ìyá, eré kan tí ọmọ-ọmọ wọn fi síbẹ̀ nígbà ìsinmi ló wà níwájú, ó tóbi gan-an, àwọn áàpù mìíràn sì tò tẹ̀lé e. A tẹ àmì X tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, a fi ti báńkì nìkan sílẹ̀. Títẹ X yìí kò yọ áàpù kankan kúrò. Àtúnṣe tó fẹ́ gbà nìkan ló dá dúró, ẹ lè padà gbà á nígbàkígbà.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ tó wà lójú fóònù yí padà. "Pending" kúrò, "Waiting for Wi-Fi" sì gba ipò rẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i, nítorí ó ti sọ ìdí wàyí. Ìyá ò ní Wi-Fi nílé, wọn ò ní in lọ́jà. Dátà orí síìmù ni wọ́n ń lò. Ẹnì kan ti sọ fún Play Store pé kó má ṣe gba ohunkóhun àfi lórí Wi-Fi, bóyá láti dáàbò bo dátà wọn, ó sì ń gbọ́ràn. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni wọn ì bá ra dátà lọ́jọ́ náà, ibì kan náà ni yóò dúró sí.

A tún tẹ lẹ́tà orúkọ wọn lókè, a yan "Settings", lẹ́yìn náà "Network preferences", lẹ́yìn náà "App download preference". "Over Wi-Fi only" ló wà níbẹ̀. A yí i sí "Over any network". Áàpù báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lójú wa, kò sì pẹ́ tó fi parí. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí dátà òun máa lọ láìmọ̀ lè fi "Auto-update apps", tó wà níbì kan náà, sílẹ̀ lórí Wi-Fi. Àmọ́ ẹni tí kò ní Wi-Fi rárá gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ ara rẹ̀ gba àtúnṣe áàpù báńkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí báńkì máa ń jáwọ́ lára áàpù tó bá ti gbó jù.

Àwọn kan wà tí ètò wọn dára, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gan-an sì ń tàn wọ́n jẹ. Wọ́n á ní, "WhatsApp mi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà dátà wà." Ìyẹn ò tó ẹ̀rí. Dátà olówó pọ́ọ́kú kan wà tí àwọn ilé-iṣẹ́ síìmù ń tà fún WhatsApp tàbí Facebook nìkan. Ọ̀rọ̀ á máa wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, Play Store ò sì ní rí nǹkan kan lò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kúkúrú sì lè gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò lágbára kọjá, áàpù ńlá ò ní lè gbà á. Ẹ ṣí Chrome, kí ẹ wá ojú ìwé kan tí ẹ ò ṣí rí. Bí ìyẹn ò bá wọlé, ẹ fi Play Store sílẹ̀ ná, ẹ yanjú dátà yín. Bí ó bá wọlé, ẹ wò ó bóyá "Data Saver" wà ní títàn nínú "Settings" fóònù, torí ó lè máa dí Play Store lọ́wọ́ bí ẹ ò bá sí i lójú. Ẹ pa VPN pẹ̀lú, bí ẹ bá ní in.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá, mo wo àyè inú fóònù wọn nínú "Settings", lábẹ́ "Storage". Ó ku díẹ̀ kí 32 GB náà kún: nǹkan bí 700 MB ló ṣẹ́ kù. Áàpù báńkì ráyè wọlé torí pé ó kéré, àmọ́ èyí tó tóbi díẹ̀ ì bá ti há. Google fúnra rẹ̀ ní kí èèyàn dín ẹrù kù bí àyè tó ṣẹ́ kù kò bá tó 1 GB. Ohun tó fà á ni pé iye tí Play Store kọ sára áàpù kọ́ ni gbogbo àyè tó máa gbà. Ẹrù tó wọlé ní láti ní ibi tí yóò dúró sí, fóònù á tún tú u, á tò ó sí ipò rẹ̀, áàpù náà á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan tirẹ̀ pa mọ́. Mẹ́mọ́rì káàdì ò fi bẹ́ẹ̀ ranni lọ́wọ́ níbí; àwòrán àti fídíò ló wúlò fún, áàpù fẹ́ inú fóònù gan-an.

Ẹ má sáré lọ pa àwòrán ìkómọ àti ti ìgbéyàwó rẹ́. Nínú WhatsApp, ẹ lọ sí "Settings", "Storage and data", "Manage storage". Ó ti ya àwọn fídíò ńlá sọ́tọ̀ fún yín, àti àwọn tí gbogbo ayé ti ń pín kiri. Níbẹ̀ ni ẹrù ìyá wà: àdúrà òwúrọ̀ oníFídíò, ìpolówó aṣọ, fídíò kan náà láti inú ẹgbẹ́ mẹ́rin. Wọ́n yàn wọ́n fúnra wọn, wọ́n pa wọ́n rẹ́, gígábáìtì mélòó kan sì ṣí sílẹ̀. Bí áàpù àwòrán yín bá ní "Trash", ẹ da inú rẹ̀ nù pẹ̀lú, torí ohun tó wà níbẹ̀ ṣì ń gba àyè.

Ọjọ́ àti aago ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbà pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí, ó sì kàn án gan-an. Kí fóònù tó gba ohunkóhun lọ́wọ́ Google, ó máa ń yẹ ìwé ẹ̀rí kan wò láti mọ̀ pé Google gidi ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe onígbàjúẹ̀. Ìwé ẹ̀rí náà ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Ti Google kì í ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Bí bátìrì fóònù bá ti kú tipẹ́, tí ó wá tàn pẹ̀lú ọjọ́ ọdún mélòó kan sẹ́yìn, lójú tirẹ̀ ìwé náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò ní gbà á. Chrome máa ń sọ ọ́ gbangba: "Your clock is behind". Play Store kì í sábà là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú "Settings", ẹ wá "Date & time", kí ẹ tan èyí tó ń mú aago wá láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ọjọ́ bá ṣì ṣìnà, ẹ pa á, ẹ fọwọ́ ara yín tẹ ọjọ́ àti ọdún tó tọ́. Fún Nàìjíríà, GMT+01:00, Lagos, ni kí ẹ yàn.

Tí gbogbo èyí bá wà létòlétò, ẹ lọ sí "Settings", "Apps", "Google Play Store", kí ẹ tẹ "Clear cache". Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ tẹ "Clear storage" tàbí "Clear data" níbẹ̀. Kò ní pa áàpù tàbí àwòrán yín rẹ́, àmọ́ ẹ ní láti tún "Network preferences" yẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀.

Àkáǹtì ni mo fi sẹ́yìn, torí òun ló léwu jù láti fọwọ́ kàn. Àmì pé ó ní wàhálà ni pé Gmail pàápàá ò mú lẹ́tà tuntun wá, tàbí pé fóònù ń ní kí ẹ tún páásíwọ́ọ̀dù tẹ̀. Yíyọ àkáǹtì kúrò kí a sì dá a padà lè yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà àwọn èèyàn tí ẹ tọ́jú sínú àkáǹtì náà á bá a kúrò lórí fóònù títí ẹ ó fi dá a padà, ẹ ò sì lè dá a padà láìmọ páásíwọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ta fóònù fún wọn ló ṣí ímeèlì fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ páásíwọ́ọ̀dù tó wù ú, ó sì dá wọn ní gbèsè náà lọ. Ẹni tó bá sì ní kí wọ́n kúkú nu fóònù náà mọ́ pátápátá ń fa wàhálà ńlá: láti Áńdíróìdì 5.1, fóònù tí wọ́n bá nù lọ́nà ẹ̀yìn lè máa bèèrè àkáǹtì tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó ṣí, kò sì ní gbà láìsí i.

Ẹ bi àwọn òbí yín lónìí, nígbà tí fóònù wọn ṣì ń ṣiṣẹ́: ímeèlì wo ló wà lórí rẹ̀, ta ló sì mọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀? Bí kò bá sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ẹ bá wọn yí i padà, kí ẹ kọ ọ́ síbi tí ọwọ́ wọn á ti tó o.